Síńkì kùnà, iye títà àná pẹ́ dé: bí ẹ ṣe máa kọ ímeèlì sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù tọ́jú ìwé owó ní Adó-Èkìtì níbí: "Síńkì ò lọ lálẹ́ àná, iye tí a tà ò dé ọwọ́ Mọ́mì láàárọ̀, kí ni kí n kọ sí wọn?" Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ kò ju "Ẹ má bínú mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni" lọ. Mọ́mì á kà á, inú wọn ò sì ní rọ̀. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó wọn pé. Iye tó bá pẹ́ kó tó dé máa ń dà bí iye tí ẹnìkan ti jókòó tún ṣe, pàápàá lójú ẹni tí kò sí nílé.

Nítorí náà, ẹ̀rí pé owó pé ni kí ímeèlì yín kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ìdí tó fi pẹ́ á wá tẹ̀lé e.

## Ọ̀ràn tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ohun mímu àti ìpápánu ní páálí-páálí. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní Adó nítòsí Ọjà Ọba, èkejì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìyá náà ti lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ ní Èkó, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń darí ọjà. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ríṣíìtì tirẹ̀ sínú ara rẹ̀. Bó bá di aago 9:30 alẹ́, síńkì á kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà, ripọ́ọ̀tù á sì bọ́ sínú ímeèlì Mọ́mì ní aago 7 àárọ̀. Iye yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe àwọn tó ń kó ọjà wá, kí aago 9 tó lù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Adó nìkan ló dé: ríṣíìtì 212, ₦1,486,300. Níbi tó yẹ kí ti Ìkẹ́rẹ́ wà, òdo ni. Bẹ́ẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ tajà lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ènìyàn ló mọ̀.

## Kọ́kọ́ fi ímeèlì kékeré ránṣẹ́

Ẹ má dúró títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti rí i pé ripọ́ọ̀tù kò pé, ẹ kí wọn, kí ẹ wá kọ gbólóhùn mẹ́rin péré:

> Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá àti ọmọ. Ripọ́ọ̀tù tó dé ọwọ́ yín láàárọ̀ yìí kò pé. Ti Adó nìkan ló wà níbẹ̀, ti Ìkẹ́rẹ́ kò tíì wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ra ọjà Ìkẹ́rẹ́. Mo ń wo ohun tó fà á, mo sì máa kọ̀wé sí yín kí aago 11 tó lù, bóyá ó ti yanjú tàbí kò tíì yanjú.

Ẹ wò ó pé kò sí iye owó kankan nínú rẹ̀. Ẹ má fojú díwọ̀n. Bí ẹ bá kọ "á tó nǹkan bí 500,000," tí òótọ́ sì wá jẹ́ 538,450, ìbéèrè tuntun nípa 38,450 ni ẹ dá sílẹ̀ yẹn.

Aago tí ẹ dá sì ṣe kókó. Ẹ fi wákàtí kan kún iye àkókò tí ẹ rò pé iṣẹ́ náà máa gbà, torí a kì í mọ ìgbà tí iná máa lọ.

## Wá ìdí rẹ̀, kó tó di pé ẹ di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ohun tó sábà ń dá síńkì dúró kò pọ̀: dátà tó tán, iná tó lọ kí aago 9:30 tó kọjá, kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan pa kó tó lọ sílé, àti èyí tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn, ìyẹn ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà tó ti ṣìnà. Mo fẹ́ dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, torí òun ló ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Òun náà ló lè ba iye owó jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó rí pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ, wọ́n sábà máa ń kọ `CR2032` sí i lára. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ pátápátá. Bó bá ti kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ọjọ́ tí iná bá já, tí a sì tún kọ̀ǹpútà tàn, aago á padà sí ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀. Ti Ìkẹ́rẹ́ padà sí `01/01/2015`. Iná lọ ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń bá ọjà lọ. Ta ló máa wo igun ìsàlẹ̀ sùkúrìnì nígbà tí oníbàárà ń pariwo pé òun fẹ́ ṣénjì?

Kí ló wá kan síńkì níbẹ̀? Kọ̀ǹpútà kì í kó nǹkan fún sáfà láìkọ́kọ́ wo sàtífíkéètì rẹ̀, kó lè dá a lójú pé sáfà tirẹ̀ gan-an ni. Sàtífíkéètì yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa tán. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2015 la ṣì wà á ní sàtífíkéètì náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì kọ̀ láti kó ohunkóhun fún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dáa bíi kí nǹkan ó má ṣe é, síńkì ò ní lọ.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀:

1. Ẹ wo ọjọ́ àti aago ní igun kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi fóònù bi ẹni tó wà níbẹ̀ pé "ṣé aago yín pé?" Ẹ ní kó ya fọ́tò sùkúrìnì ránṣẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ aago yẹn lè wò ó láìrí i.
2. Ẹ ní kó ṣí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí Chrome bá kọ `Your clock is behind` tàbí `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, ẹjọ́ aago ni. Bí ojú ìwé náà kò bá ṣí rárá, dátà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ wò.
3. Ẹ wo ohun tí síńkì fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí `certificate is not yet valid` níbẹ̀, ó parí.
4. Ẹ ya fọ́tò aago àti ti àṣìṣe síńkì pa mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aago. Bí ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

## Tún un ṣe, ní ẹsẹẹsẹ

1. Kí wọ́n dá títà lórí kọ̀ǹpútà yẹn dúró díẹ̀, kí wọ́n máa fi ìwé kọ ríṣíìtì. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tà lórí aago tó ṣìnà á tún gba ọjọ́ èké.
2. Kí wọ́n ti ètò ìtajà pa, kí wọ́n fọwọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe. Ẹ má retí pé Windows á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó bá dá dúró, bí aago bá ti fi ju wákàtí 15 lọ ṣìnà, kì í sábà fọwọ́ kan án.
3. Kí wọ́n tẹ síńkì lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n wá dúró.

Mo tẹnu mọ́ "lẹ́ẹ̀kan" nítorí ohun tójú mi ti rí. Bí ètò yín kò bá fi nọ́ńbà ríṣíìtì dá ríṣíìtì mọ̀, títẹ̀ léraléra lè mú kí títà kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Láti inú iye tó dín, ẹ ti bọ́ sínú iye tó lé nìyẹn. Ìyẹn sì ṣòro ṣàlàyé ju ti àkọ́kọ́ lọ.

## Ìgbà tí síńkì ti lọ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Síńkì lọ, ripọ́ọ̀tù tuntun jáde, wọ́n sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Ní Ìkẹ́rẹ́, ripọ́ọ̀tù tuntun yẹn sọ pé ríṣíìtì 83 ni, ₦461,200. Ó jọ òótọ́, kò sì pé.

Ẹ rántí pé láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ `01/01/2015` sára ríṣíìtì. Ripọ́ọ̀tù ọjọ́ Ajé kò lè rí wọn, torí kò sí èyí tó jẹ mọ́ ọjọ́ Ajé lára wọn. Wọ́n ti wọ sáfà o, ṣùgbọ́n inú ọdún 2015 ni wọ́n jókòó sí.

Bí a ṣe ń mú irú èyí nìyí:

1. Ẹ ka nọ́ńbà ríṣíìtì, ẹ má gbára lé ọjọ́. Nọ́ńbà kì í padà sẹ́yìn bí aago ṣe ń padà. Ríṣíìtì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ajé jẹ́ 4318, èyí tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 4414. Ẹ yọ 4318 kúrò nínú 4414, kí ẹ wá fi 1 kún un: 97 ni. Ripọ́ọ̀tù ní 83. Mẹ́rìnlá sọnù.
2. Ẹ wá àwọn tó sọnù. Ẹ tú títà ọjọ́ `01/01/2015` sílẹ̀ nínú ètò náà. Mẹ́rìnlá ló jáde, láti 4401 dé 4414, àpapọ̀ ₦77,250.
3. Ẹ ṣe ìròpọ̀. 461,200 àti 77,250 jẹ́ 538,450.
4. Ẹ fi ohun tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn wò ó. Owó tí wọ́n kà nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦311,450. Èyí tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì jẹ́ ₦227,000. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: ₦538,450. Ó bára mu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin yìí ni Mọ́mì máa gbà gbọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ nípa ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà gan-an ló ṣàṣìṣe. Àkáǹtì báńkì wà lórí fóònù tiwọn náà, wọ́n lè wò ó fúnra wọn.

Ní ti ọjọ́ tó wà lára ríṣíìtì mẹ́rìnlá yẹn, ẹ má yí i padà ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ètò bá gbà kí mánéjà tún ọjọ́ ṣe kó sì kọ ìdí rẹ̀, ẹ ṣe é, kí ẹ sì sọ nínú ímeèlì pé ẹ ṣe é. Bí kò bá gbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé.

## Ímeèlì náà gan-an

Ní ti ìkíni, ẹ̀ka-èdè wa ní Èkìtì lè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" kún un, kò sì sẹ́ni tó máa bínú nílé. Nínú ímeèlì iṣẹ́, ẹ fi "ẹ" sí i. Ẹ kí wọn ní ìlà kan, kí ẹ bọ́ sọ́rọ̀. Ìdárò gígùn níbẹ̀rẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n rò pé owó ti sọnù.

Orí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ tó kà láìṣí i:

> Iye títà ọjọ́ Ajé ti pé: ₦2,024,750 (ẹ jọ̀wọ́ ẹ pa ti aago 7 tì)
>
> Ẹ kú àárọ̀ mà.
>
> Iye tí a tà lọ́jọ́ Ajé ti pé báyìí:
> Adó: ríṣíìtì 212, ₦1,486,300
> Ìkẹ́rẹ́: ríṣíìtì 97, ₦538,450
> Àpapọ̀: ₦2,024,750
>
> Kò sí owó tó sọnù. Mo fi ti Ìkẹ́rẹ́ wé owó tí wọ́n kà lálẹ́ (₦311,450) àti èyí tó wọ àkáǹtì (₦227,000), ó sì bára mu. Nọ́ńbà ríṣíìtì náà pé, láti 4318 dé 4414.
>
> Ohun tó fà á tó fi pẹ́: nígbà tí iná lọ ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, aago kọ̀ǹpútà ibẹ̀ padà sí ọdún 2015 nítorí pé bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Sáfà àti kọ̀ǹpútà kò wá gba ara wọn gbọ́, síńkì alẹ́ kò sì lọ.
>
> Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ríṣíìtì 14 (4401 dé 4414, ₦77,250) ní ọjọ́ èké lára, torí wọ́n tà wọ́n lẹ́yìn tí aago ti ṣìnà. Mánéjà ti tún ọjọ́ wọn ṣe sí ọjọ́ Ajé, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ètò. Wọn kò ní sí nínú iye tòní.
>
> A ti tún aago ṣe, síńkì sì ti lọ ní 9:50. Bí a kò bá pààrọ̀ bátìrì, ó lè tún ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí iná bá lọ. Ṣé kí a rà á lónìí nínú owó ìnáwó kékeré Ìkẹ́rẹ́? Títí a ó fi rà á, wọ́n á máa ya fọ́tò aago sí mi ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé.
>
> Ẹ ṣeun mà. Ẹ bá wa kí ìyá ọmọ.

Ẹ wo bó ṣe tò: iye, ẹ̀rí, ìdí ní gbólóhùn méjì, ohun tí ojú lè fo, àti ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn. A kò dárúkọ káṣíà. Òun kọ́ ló pa bátìrì. Bí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, òun ni Mọ́mì máa rántí bí owó bá dín lọ́jọ́ mìíràn.

Gbólóhùn "wọn kò ní sí nínú iye tòní" kéré lójú, àmọ́ ẹ má yọ ọ́. Ètò mìíràn ń ka títà sí ọjọ́ tó wọ sáfà. Irú rẹ̀ á gbé owó Ìkẹ́rẹ́ lọ sínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mọ́mì á sì rò pé ọjà ya lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo tiyín kí ẹ tó kọ gbólóhùn náà.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Fífi ripọ́ọ̀tù méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹ kọ "ÀTÚNṢE" àti aago sí orúkọ èkejì.
- "Ó ti yanjú mà," láìsí iye kankan. Kí ló yanjú?
- Kíkọ́ Mọ́mì ní iṣẹ́ sàtífíkéètì nínú ímeèlì. Ẹ jẹ́ kó mọ ní gbólóhùn kan. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ ṣàlàyé lórí fóònù.
- Ìlérí pé "kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Bátìrì tuntun á wo ti aago sàn, kò ní wo dátà tó tán sàn.

## Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

- [ ] Iye ríṣíìtì bá nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn mu
- [ ] Owó ọwọ́ àti ti báńkì, ní àpapọ̀, bá ripọ́ọ̀tù mu
- [ ] Mo ti wò ó pé kò sí ríṣíìtì tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì
- [ ] Fọ́tò aago àti ti àṣìṣe síńkì wà lọ́wọ́
- [ ] Mo sọ ripọ́ọ̀tù tó yẹ kí wọ́n pa tì

## Bí ọ̀ràn tiyín bá yàtọ̀

Mọ́mì kì í ka ímeèlì. Ẹ sọ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sínú ohùn Wásáàpù, kí ẹ sì fi ímeèlì náà ránṣẹ́ síbẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìṣirò ìparí oṣù, ohùn kò ṣeé wá rí.

Aago tí ẹ dá ti pé, ẹ kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ̀wé náà. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti wò tí kì í ṣe òun, kí ẹ dá aago mìíràn. Ẹ lè fi owó tí wọ́n kà lálẹ́ ránṣẹ́, bí ẹ bá pè é ní orúkọ rẹ̀: "Owó tí wọ́n kà ní Ìkẹ́rẹ́ nìyí, kì í ṣe iye títà láti inú ètò."

Owó kò bára mu. Ká ní dúrọ́ọ̀ àti báńkì jẹ́ ₦530,450 dípò ₦538,450. Ẹ má jẹ́ kí síńkì ru ẹrù yẹn. Síńkì lè fi ríṣíìtì pa mọ́ tàbí kó kó o wọlé lẹ́ẹ̀mejì, kò lè mú owó kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Bí nọ́ńbà ríṣíìtì bá ti pé 97, tí ₦8,000 sì dín, ẹ kọ ímeèlì ti síńkì tán, kí ẹ wá kọ ti ₦8,000 lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á rò pé ìtàn aago ni ẹ fi ń bo owó.

Kọ̀ǹpútà náà kò tàn mọ́ rárá. Ẹ lo ẹ̀dà ríṣíìtì tó wà nínú ìwé tàbí rólù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti 4318, kí ẹ sì sọ nínú ímeèlì pé ọwọ́ ni ẹ fi kà á àti ẹni méjì tó kà á. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá padà dé láti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta páálí kan lórí rẹ̀ ni ọjọ́ tó wà ní igun ìsàlẹ̀ yẹn.